Bí a ṣe ń sọ nóòtì ẹ̀kọ́ di àtẹ ètò ìkọ́ni

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó ti gbé nóòtì ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kí ó buwọ́ lù ú, tí wọ́n sì dá a padà pẹ̀lú gbólóhùn kan tí a fi bírò pupa kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé kí ó lọ tò ó sínú àtẹ. Nóòtì náà kún, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára, gbogbo ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa àkòrí náà sì wà níbẹ̀, nítorí náà olùkọ́ kò mọ ohun tí ó kù. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọn yóò fa ìlà sójú ìwé, wọn yóò gé nóòtì náà sí wẹ́wẹ́, wọn yóò sì pín in sínú àwọn àpótí tí ìlà náà pààlà sí. Ọ̀gá a tún dá a padà, ọkàn olùkọ́ a sì bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó jókòó ṣàlàyé fún un pé títò sínú àtẹ yìí kì í ṣe iṣẹ́ ìlà fífà rárá.

## Kí ni nóòtì ẹ̀kọ́, kí sì ni ètò ìkọ́ni?

Nóòtì ẹ̀kọ́ ni àkọsílẹ̀ ohun tí olùkọ́ fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ: ìtumọ̀, àlàyé, àpẹẹrẹ àti ìbéèrè tí yóò bi wọ́n níkẹyìn. Inú ìlànà iṣẹ́ sáà ni àkòrí rẹ̀ ti ń wá, inú kòríkúlọ́ọ̀mù tí àjọ NERDC ń ṣe fún ilé-ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà ni a sì ti ń fa ìlànà iṣẹ́ náà yọ. Ètò ìkọ́ni ní tirẹ̀ jẹ́ àkọsílẹ̀ bí píríọ́ọ̀dù kan yóò ṣe lọ, láti ìgbà tí olùkọ́ bá wọ kíláàsì títí di ìgbà tí agogo yóò lù.

Ẹ wo ìdána. Ẹbí ìyàwó mọ ìtàn ìdílé wọn, ẹbí ọkọ mọ tiwọn, wọ́n sì ti ní àkọsílẹ̀ ẹrù ìdána lọ́wọ́, síbẹ̀ bí alága ìdúró kò bá ní ìwé ètò tí ó sọ ìgbà tí wọn yóò wọlé, ìgbà tí wọn yóò dọ̀bálẹ̀ àti ìgbà tí ìyàwó yóò jáde, gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ kò ní kí ìdána náà parí lásìkò. Ìwé ọwọ́ alága yẹn ni ètò ìkọ́ni jọ.

Àtẹ tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń béèrè ní òpó mẹ́rin. Èròńgbà ni ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè ṣe tí a óò fi mọ̀ pé ó ti kọ́ nǹkan. Iṣẹ́ ni ohun tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ọwọ́, ẹnu tàbí ojú wọn ṣe. Ohun èlò ni ohun tí wọn yóò fi ṣe é. Àkókò ni iye ìṣẹ́jú tí yóò gbà. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan a máa ya iṣẹ́ olùkọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, àwọn mìíràn a sì fi òpó kan kún un fún kókó ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a ń gbà kún inú àtẹ náà kò yàtọ̀.

## Nóòtì wo ni a óò fi ṣe àpẹẹrẹ?

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá fún Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Kẹrin, nínú kíláàsì tí ọmọ 36 wà, tí píríọ́ọ̀dù rẹ̀ sì jẹ́ ìṣẹ́jú 40. Àkòrí rẹ̀ ni òǹkà láti 21 dé 30. Bí irú nóòtì bẹ́ẹ̀ ṣe sábà máa ń rí nìyí:

> Èròńgbà: Ní òpin ẹ̀kọ́ yìí, ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ òǹkà Yorùbá láti 21 dé 30, kí bí a ṣe ṣẹ̀dá wọn sì yé wọn.
>
> Ohun èlò: Pátákó ìkọ̀wé, ẹfun, ìwé kíkà.
>
> Àkóónú: 21 oókanlélógún, 22 eéjìlélógún, 23 ẹẹ́tàlélógún, 24 ẹẹ́rìnlélógún, 25 aárùndínlọ́gbọ̀n, 26 ẹẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, 27 ẹẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, 28 eéjìdínlọ́gbọ̀n, 29 oókàndínlọ́gbọ̀n, 30 ọgbọ̀n. Láti 21 dé 24, a ń fi kún ogún. Láti 25 dé 29, a ń yọ kúrò nínú ọgbọ̀n.
>
> Ìgbéléwọ̀n: (1) Ka òǹkà láti 21 dé 30. (2) Fi ọ̀rọ̀ kọ 24, 27 àti 29. (3) Kí ni ìdí tí 26 fi ń jẹ́ ẹẹ́rìndínlọ́gbọ̀n?

Kò sí irọ́ kankan nínú nóòtì yìí. Bí olùkọ́ mìíràn bá kà á, òun náà yóò mọ òǹkà náà. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ohun tí ọmọ tí ó jókòó sí ìlà ẹ̀yìn yóò máa ṣe nígbà tí agogo mẹ́wàá bá kọjá ìṣẹ́jú 15.

## Ibo ni a ti ń bẹ̀rẹ̀?

Ìsàlẹ̀ nóòtì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe òkè. Ìbéèrè ìgbéléwọ̀n ni ibi kan ṣoṣo nínú ọ̀pọ̀ nóòtì tí olùkọ́ ti sọ ohun tí ó fẹ́ kí ọmọ ṣe, nítorí pé ibẹ̀ ni ó ti pàṣẹ fún ọmọ náà: kà, kọ, sọ ìdí. Èròńgbà tí ó wà lókè nóòtì kò sọ irú rẹ̀. «Mọ̀» àti «yé» ni ó wà níbẹ̀, inú orí ọmọ ni àwọn méjèèjì sì ń gbé, níbi tí ojú olùkọ́ kò dé.

Nítorí náà, ẹ mú ìbéèrè ìgbéléwọ̀n kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sọ ọ́ di èròńgbà. Ìbéèrè kejì yóò di: akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè fi ọ̀rọ̀ kọ òǹkà mẹ́ta láàárín 21 sí 30 láìwo pátákó. Ìbéèrè kẹta fẹ́ ìrònú díẹ̀, torí pé ọmọ lè há ìdáhùn rẹ̀ sórí bí orin. Ohun tí ó sàn jù ni kí ọmọ fi í hàn: akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè yọ igi kúrò nínú 30 kí ó tó ku 26, kí ó sì pe orúkọ ohun tí ó ṣẹ́kù. Bí ó bá yọ mẹ́rin, tí ó sì pè é ní ẹẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ẹ ti rí i pé ó yé e, ẹ kò sì ní láti bi í léèrè bóyá ó yé e. Gbogbo kíláàsì ni yóò kúkú dáhùn pé «bẹ́ẹ̀ ni sà» bí ẹ bá bi wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ìṣe inú èròńgbà tún ń sọ bí iṣẹ́ náà ti wúwo tó. Ní 1956, Benjamin Bloom, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ to iṣẹ́ ọpọlọ sí ìpele mẹ́fà, láti orí rírántí lásán títí dé orí ṣíṣe ìdájọ́, ibẹ̀ sì ni àṣà pé kí olùkọ́ máa ṣọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀ ti gbilẹ̀. Fún ìṣẹ́jú 40 ní Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Kẹrin, kíkà, títò àti kíkọ ti tó. Èròńgbà mẹ́ta náà ti tó. Mo ti rí àtẹ tí ó ní méje, kò sì sí bí a ṣe lè yẹ ohun méje wò lára ọmọ 36 kí agogo tó lù.

## Báwo ni àkóónú ṣe ń di iṣẹ́?

Ibí yìí ni iṣẹ́ gan-an wà, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Olùkọ́ a mú àkóónú, a kọ ọ́ sínú òpó iṣẹ́ bí ó ṣe wà, a sì fi «olùkọ́ ṣàlàyé» ṣíwájú rẹ̀ àti «akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́tí sílẹ̀» tẹ̀lé e. Nóòtì náà ṣì ni, ó kàn wọ aṣọ mìíràn ni.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ bi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan nínú àkóónú ni pé: kí ni ọmọ yóò ṣe kí òun fúnra rẹ̀ lè rí ohun tí gbólóhùn yìí sọ? «Láti 21 dé 24, a ń fi kún ogún.» Ẹ fún ọmọ ní ìdì igi ìgbálẹ̀ kan tí ó jẹ́ 20, tí a fi rọ́bà dì, kí ó fi igi mẹ́ta lé e, kí ó sì sọ pé ẹẹ́ta lé ogún, ẹẹ́tàlélógún. Gbólóhùn náà ti di iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ ẹnu. Ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá tún wà tí ẹ lè gùn lé: àwọn ọmọ náà ti mọ òǹkà dé ogún, wọ́n sì ti ń pe 16 ní ẹẹ́rìndínlógún láìbìkítà pé yíyọ ni wọ́n ń yọ. Ìfáárà yín kò gbọ́dọ̀ kọjá rírán wọn létí èyí.

Nígbà tí a bá ń sọ àkóónú yìí di iṣẹ́, ohun kan yóò yọ síta tí nóòtì ti fi pamọ́. Nóòtì to òǹkà láti 21 lọ sí 30 bí nọ́ńbà ṣe tẹ̀ léra, ṣùgbọ́n ọmọ kò lè ṣe aárùndínlọ́gbọ̀n pẹ̀lú igi bí kò bá tíì ní ọgbọ̀n níwájú rẹ̀, torí pé inú ọgbọ̀n ni yóò ti yọ márùn-ún. Nítorí náà, lẹ́yìn 24, ètò gbọ́dọ̀ fò lọ sí 30, kí ó sì máa padà bọ̀: 29, 28, 27, 26, 25. Yíyọ ẹyọ kan ni ó rọrùn jù, òun ni kí ó ṣíwájú. Ìgbà tí ọmọ bá sì ti rí i bí 28 àti 27 ṣe jáde ni yóò fúnra rẹ̀ pe 26 kí olùkọ́ tó là ẹnu. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó ń kọsẹ̀ ní 25, tí ó ń sọ pé «aárùnlélógún», kì í ṣe olódo. Ẹni tí ó kọ́ ọ kò jẹ́ kí ó rí ọgbọ̀n kí ó tó ní kí ó yọ nǹkan nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ lẹ́yìn náà pé ẹ́ẹ̀dọ́gbọ̀n ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe 25 nílé àti lọ́jà, kí ó má baà dà bíi pé ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ìyá wọn kò tọ̀nà.

## Ohun èlò wo ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀?

Òpó yìí kì í gba àkókò bí òpó iṣẹ́ bá ti tọ́. Ẹ kàn ka iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ohun tí ọwọ́ ọmọ yóò dì mú àti iye rẹ̀. Bí ọmọ 36 bá pín sí ẹgbẹ́ mẹ́fà, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò nílò ìdì igi 20 kan àti igi 10 tí a kò dì, èyí tí ó túmọ̀ sí igi 180 tí a gbọ́dọ̀ ti ṣẹ́ kí a sì ti dì kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́. Iye yẹn ṣe pàtàkì nínú àtẹ. Ẹni tí ó bá kọ «igi ìgbálẹ̀» lásán yóò dé kíláàsì, yóò sì máa ka igi nígbà tí ó yẹ kí ó máa kọ́ni.

Pátákó àti ẹfun wà ní gbogbo kíláàsì. Wọn kò nílò kí a kọ wọ́n àyàfi níbi tí a ó ti lò wọ́n ní pàtó. Ìwé kíkà tí nóòtì dárúkọ kò sí nínú iṣẹ́ kankan, nítorí náà ó jáde.

## Báwo ni a ṣe ń pín àkókò?

Òpó àkókò ni a ń kọ kẹ́yìn, òun sì ni ó ń sọ òtítọ́ nípa àwọn òpó yòókù. Ẹ kọ iye ìṣẹ́jú tí ẹ rò pé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò gbà láìtan ara yín, kí ẹ sì rò ó pọ̀. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ̀kọ́ tiwa yìí lè wá báyìí: ìfáárà 5, ṣíṣe 21 sí 24 pẹ̀lú igi 10, ṣíṣe 30 padà sí 25 jẹ́ 15, kíkọ òǹkà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ní ọ̀rọ̀ 15, ìgbéléwọ̀n 10. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 55, bẹ́ẹ̀ 40 ni a ní.

Ohun tí kò dára ni kí a gé ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta kúrò lára gbogbo rẹ̀ títí yóò fi jẹ́ 40, torí iṣẹ́ kò dín kù, ìwé nìkan ni ó gbà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ni a ń gé. Kíkọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kò pọn dandan nínú kíláàsì, nítorí pé èròńgbà wa béèrè mẹ́ta péré. Méje yòókù yóò di iṣẹ́ àṣetiléwá. Ìyẹn sọ 15 di 8. Ìgbéléwọ̀n kò nílò 10, nítorí pé a ti wo iṣẹ́ igi àti iṣẹ́ kíkọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. 5 tó fún kíkà. Ní 30 sí 25, olùkọ́ yóò ṣe 29 àti 28 pẹ̀lú gbogbo kíláàsì, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó dá ṣe èyí tí ó kù, 15 yóò sì di 12.

Ìṣẹ́jú tí a máa ń gbàgbé ni ti pínpín ohun èlò. Fífi igi lé ẹgbẹ́ mẹ́fà lọ́wọ́ àti dídá ariwo dúró lè gba ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ kà á mọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ó nílò igi náà, kí ẹ má ṣe ṣe bí ẹni pé ìdì igi yóò fò lọ bá wọn.

## Báwo ni àtẹ náà ṣe wá rí?

| Èròńgbà | Iṣẹ́ | Ohun èlò | Àkókò |
|---|---|---|---|
| Ìfáárà | Akẹ́kọ̀ọ́ ka 15 sí 20 papọ̀. Olùkọ́ béèrè ohun tí a yọ nínú ogún kí ó tó di 16. Ọmọ méjì dáhùn. | Kò sí | Ìṣẹ́jú 5 |
| 1. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè fi igi ṣe 21 sí 24, kí ó sì pe orúkọ wọn. | Olùkọ́ pín igi, ó fi 21 hàn. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi igi lé ìdì 20 láti ṣe 22, 23 àti 24, wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. | Fún ẹgbẹ́ kan: ìdì igi 20 kan, igi 10, rọ́bà kan | Ìṣẹ́jú 10 |
| 2. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè yọ igi nínú 30 láti ṣe 29 padà sí 25, kí ó sì pe orúkọ wọn. | Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kó igi jọ di 30. Olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ jọ ṣe 29 àti 28. Ẹgbẹ́ dá ṣe 27, 26 àti 25. Olùkọ́ ń lọ káàkiri. | Igi kan náà | Ìṣẹ́jú 12 |
| 3. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè fi ọ̀rọ̀ kọ òǹkà mẹ́ta láìwo pátákó. | Olùkọ́ kọ 21 àti 28 sí pátákó, ó pa wọ́n rẹ́. Ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ 24, 27 àti 29. Wọ́n pààrọ̀ ìwé, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò. | Ìwé àjákọ, pẹ́ńsùlù | Ìṣẹ́jú 8 |
| Ìgbéléwọ̀n | Olùkọ́ gbé iye igi kan sókè. Ọmọ tí ó pè pe orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ àṣetiléwá: kọ òǹkà méje tí ó kù. | Igi olùkọ́ | Ìṣẹ́jú 5 |

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí àlàyé bí a ṣe ṣẹ̀dá òǹkà nínú àtẹ yìí. Inú nóòtì ni ó wà, ibẹ̀ náà ni kí ó wà. Àtẹ kò wá láti rọ́pò nóòtì. A máa ń so ó mọ́ iwájú rẹ̀ ni, kí olùkọ́ tí ó bá gbàgbé nǹkan lè ṣí ẹ̀yìn wò, kí olùkọ́ tí ó bá sì gba kíláàsì náà mú nígbà tí ara onítọ̀hún kò yá lè rí ohun tí yóò kọ́ wọn àti bí yóò ṣe kọ́ ọ.

Ẹni tí ó ń fi ọwọ́ kọ ọ́ lè tẹ́ àtẹ náà sórí ojú ìwé méjì tí ó kojú síra, kí òpó iṣẹ́ lè fẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Lórí kọ̀ǹpútà, nínú Microsoft Word, ẹ kọ́kọ́ lọ sí `Layout`, `Orientation`, `Landscape`, kí ìwé lè dùbúlẹ̀, kí ẹ tó lọ sí `Insert`, `Table`. Bí àtẹ bá wọ ojú ìwé kejì, ẹ tẹ ìlà àkọ́kọ́, kí ẹ lọ sí `Layout` kejì, èyí tí ó jẹ́ ti àtẹ, kí ẹ sì yan `Repeat Header Rows`, kí orúkọ àwọn òpó lè tún hàn níbẹ̀.

## Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé àtẹ kò tíì di ètò?

Ẹ fi ọwọ́ bo ohun tí olùkọ́ ń ṣe nínú òpó iṣẹ́, kí ẹ ka ti akẹ́kọ̀ọ́ nìkan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí «tẹ́tí sílẹ̀» bá jáde nínú ìlà mẹ́ta nínú márùn-ún, nóòtì ni ẹ ṣì ń kà. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ohun èlò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá ibi tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kàn án nínú òpó iṣẹ́. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀, ọ̀ṣọ́ ni. Àmì kẹta ni òpó àkókò tí gbogbo ìlà rẹ̀ jẹ́ 10, 10, 10, 10. Ó ṣòro kí iṣẹ́ mẹ́rin tí kò jọra gba iye ìṣẹ́jú kan náà, nítorí náà àfàìmọ̀ kí ó má jẹ́ pé pípín ni olùkọ́ náà kàn pín in.

Àtẹ ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kò lè sọ ohun tí ẹ ó ṣe bí ẹgbẹ́ kan bá parí 25 nígbà tí ẹgbẹ́ mìíràn ṣì ń wá 28, àfi bí ẹ bá fi ìlà kékeré kan kún un fún àwọn tí ó yára: kí wọ́n wá bí a ó ṣe pe 31, kí wọ́n sì sọ ohun tí a fi lé ọgbọ̀n. Bí píríọ́ọ̀dù bá sì parí, ẹ fi bírò kọ ìṣẹ́jú tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbà ní tòótọ́ sí ẹ̀gbẹ́ iye tí ẹ ti kọ tẹ́lẹ̀. Bí iṣẹ́ kejì bá gba 18 dípò 12 nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kọsẹ̀ ní 27, ìfáárà ẹ̀kọ́ tí ó tẹ̀ lé e, tí yóò lọ láti 31 dé 40, kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 31. Ẹ̀ẹ̀kan sí i ni kí wọ́n gbé 30 náà kalẹ̀, kí wọ́n sì yọ mẹ́ta nínú rẹ̀.